Ìka ò dọ́gba: Ṣé lóòótọ́ ni Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn gbìyànjú nínú ìbò 2023?

Ìbò 2027 ti ń kanlẹ̀kùn, àwọn olóṣèlú àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn sì ti ń ṣírò. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìpolongo ló fẹ́ mọ ibi tí àwọn èèyàn ti ń jáde dìbò àti ibi tí wọ́n ti ń jókòó sílé. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó dà bíi pé ó rọrùn: nínú ìbò ààrẹ ọjọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 2023, èèyàn mélòó nínú ọgọ́rùn-ún tó forúkọ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn ló jáde lọ dìbò?

Ẹ máa gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu. Látinú nọ́ńbà kan náà tí àjọ elétò ìdìbò, INEC, fi síta, èèyàn lè mú ìdáhùn méjì jáde. Ọ̀kan sọ pé 27.9%. Èkejì sọ pé 24.8%. Ẹ lè ní ìdá mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn, kí ló wá kàn wá? Ohun tó kàn wá ni pé ti gbogbo Nàìjíríà lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bíi 27.1%. Bí 27.9% bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ìhà tiwa ṣe dáadáa ju bí orílẹ̀-èdè ṣe ṣe lọ, a sì lè máa yan fanda. Bó bá jẹ́ 24.8% ni òótọ́, a jẹ́ pé àwa gan-an la fà sẹ́yìn. Nọ́ńbà kan náà, ìtàn méjì tó ń ta kora wọn.

Ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì ló dáhùn ìbéèrè tí a bi. Mo fẹ́ fi hàn yín èyí tó jẹ́, àti bí ẹ ṣe lè dá ayédèrú mọ̀ nígbà mìíràn tí ẹnì kan bá ju irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ síwájú yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìpínlẹ̀ méjì péré, Èkìtì àti Èkó. Ní Èkìtì, àwọn 987,647 ló wà nínú ìwé orúkọ olùdìbò. Nínú wọn, 315,058 ni ẹ̀rọ BVAS yẹ̀ wò tó sì gbà láyè láti dìbò lọ́jọ́ náà. Ìyẹn jẹ́ 31.9%. Ní Èkó, àwọn 7,060,195 ló forúkọ sílẹ̀, 1,347,152 ló jáde. Ìyẹn jẹ́ 19.1%.

Tí mo bá ní kí ẹ fún mi ní nọ́ńbà kan tó dúró fún ìpínlẹ̀ méjèèjì, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni kí wọ́n ro 31.9 pọ̀ mọ́ 19.1, kí wọ́n sì pín in sí méjì. Ó máa fún wọn ní 25.5%. Èyí ni mo fẹ́ máa pè ní àròpín lásán: a ro èsì àwọn ẹ̀ka pọ̀, a fi iye ẹ̀ka pín in, ó parí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka orí èèyàn. Ẹ ro àwọn tó jáde ní ìpínlẹ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ máa rí 1,662,210. Ẹ ro àwọn tó forúkọ sílẹ̀ pọ̀, ẹ máa rí 8,047,842. Ẹ wá fi èyí tó pọ̀ pín èyí tó kéré. Kò ju 20.7% lọ! Àròpín lásán ní ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jáde. Orí èèyàn tí a kà ní ẹnì kan nínú márùn-ún ni.

Kí ló fà á? Àròpín lásán fún Èkìtì ní ìdajì ọ̀rọ̀, ó fún Èkó ní ìdajì. Ṣùgbọ́n àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní Èkó ju ìlọ́po méje ti Èkìtì lọ. Tí a bá ní kí ìpínlẹ̀ méjèèjì ní ohùn kan náà nínú ìṣirò, ohun tí a ṣe ni pé a ka olùdìbò kan ní Adó-Èkìtì bí èèyàn méje ní Agége. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ìṣirò yẹn ṣe nìyẹn. Ìka ò dọ́gba, àròpín lásán sì fi agídí mú wọn dọ́gba.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká kó ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye tó forúkọ sílẹ̀, èkejì ni iye tó jáde, ẹ̀kẹta ni ìdá wọn nínú ọgọ́rùn-ún:

Èkó: 7,060,195, 1,347,152, 19.1%
Ọ̀yọ́: 3,276,675, 854,439, 26.1%
Ògùn: 2,688,305, 612,341, 22.8%
Oǹdó: 1,991,344; 571,402; 28.7%
Ọ̀ṣun: 1,954,800, 759,362, 38.8%
Èkìtì: 987,647, 315,058, 31.9%

Ẹ ro ìdá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́fà, 27.9% ló máa jáde. Ibẹ̀ ni ìdáhùn àkọ́kọ́ ti wá. Ẹ wá ro iye èèyàn: gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ jẹ́ 17,958,966, gbogbo àwọn tó jáde jẹ́ 4,459,754. Ẹ pín in, 24.8% ni. Ìdáhùn kejì nìyẹn, òun sì ni ìdáhùn sí ìbéèrè wa, torí pé èèyàn la béèrè, a ò béèrè ìpínlẹ̀.

Ìgbà mìíràn wà tí ẹ ò ní rí iye àwọn tó jáde. Ẹnì kan lè fún yín ní ìdá nìkan pẹ̀lú bí ìwé orúkọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Ọ̀nà ṣì wà. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ìpín tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nínú gbogbo ìwé orúkọ. Èkó nìkan kó 39.3% nínú rẹ̀. Èkìtì ní 5.5%. Ìpín yìí ni à ń pè ní ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwọ̀n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ìdá tirẹ̀ di púpọ̀. Fún Èkó, 0.393 lọ́nà 19.1 jẹ́ 7.5. Fún Èkìtì, 0.055 lọ́nà 31.9 kò tó 1.8. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́rin yòókù: Ọ̀yọ́ máa mú 4.8 wá, Ọ̀ṣun 4.2, Ògùn 3.4, Oǹdó 3.2. Ẹ ro mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, ẹ máa padà bá 24.8 níbi tó jókòó sí. Àròpín oníwọ̀n nìyẹn. Kò sí idán kankan nínú rẹ̀. Orí èèyàn náà la ṣì ń kà, a kàn gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni.

Ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà kò tiẹ̀ nílò wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Tí iye tó forúkọ sílẹ̀ bá wà ní òpó B, tí ìdá sì wà ní òpó C, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tẹ̀ ni èyí:

```
=AVERAGE(C2:C7)
```

Ohun tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ni èyí:

```
=SUMPRODUCT(B2:B7,C2:C7)/SUM(B2:B7)
```

Àkọ́kọ́ kò wo òpó B rárá. Kò mọ̀ bóyá èèyàn mílíọ̀nù méje ló wà lẹ́yìn nọ́ńbà kan tàbí èèyàn méje. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ó yá láti tẹ̀, ó sì máa ń mú èsì tó jọ òótọ́ jáde.

Báwo wá lẹ ṣe máa mọ̀ pé nọ́ńbà tí wọ́n gbé síwájú yín kò péye? Àyẹ̀wò kan wà tí kò ṣòro. Ẹ mú ìdá tí wọ́n fún yín, ẹ fi sọ gbogbo iye tó forúkọ sílẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó máa padà di iye èèyàn tó jáde lóòótọ́. Ẹ dán 27.9% wò lórí 17,958,966. Ó máa fún yín ní nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún olùdìbò ó lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí BVAS rí kò tó mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀. Níbo ni nǹkan bí 550,000 tó lé sí i ti wá? Wọn ò wá láti ibì kankan. Ìṣirò ló bí wọn. Iye náà ju gbogbo àwọn tó jáde ní Èkìtì lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo àwọn tó jáde ní Oǹdó. Àwọn èèyàn tí ẹnikẹ́ni ò rí ní ibùdó ìdìbò, àròpín lásán ti fún wọn ní ìwé ìdìbò.

Àyẹ̀wò yìí tún máa ń mú ẹni tó lo ìwọ̀n tí kò tọ́. Ẹlòmíràn máa gbọ́ pé ó yẹ kí òun lo ìwọ̀n, á wá lọ mú iye àwọn tó jáde ṣe ìwọ̀n dípò iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìpínlẹ̀ mẹ́fà yìí, 26.4% lẹ máa rí. Ó sún mọ́ òótọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n irọ́ náà ni. Ìdí ni pé ìpínlẹ̀ tí èèyàn ti jáde dáadáa ń gba àjẹmọ́nú nínú ìwọ̀n, lẹ́yìn tó ti gba tirẹ̀ nínú ìdá. Ìlànà tó yẹ kí ẹ dì mú kò le: ohunkóhun tí a bá fi pín nígbà tí à ń wá ìdá ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, òun náà ni ìwọ̀n. Iye tó forúkọ sílẹ̀ la fi pín níbí, torí náà òun ni ìwọ̀n wa.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé gbogbo ìgbà ni àròpín lásán máa ń sọ nǹkan di ńlá? Rárá o. Ó lè sọ ọ́ di kékeré náà. Ohun tó ń darí rẹ̀ ni irú èsì tí ẹ̀ka ńlá mú wá. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, Èkó tó tóbi jù lọ ló ní ìdá tó kéré jù lọ. Àròpín lásán gba ohùn lẹ́nu Èkó, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ̀ gòkè. Ká ní Èkó ni èèyàn ti jáde jù ni, nọ́ńbà náà máa já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí gbogbo ìpínlẹ̀ bá tóbi bákan náà, tàbí tí ìdá wọn bá jọra, àwọn ìṣirò méjèèjì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, kò sì ní sí ìjà.

Ẹ lè rí i fúnra yín. Ẹ yọ Èkó kúrò, ẹ ṣírò márùn-ún tó kù. Àròpín lásán di 29.7%, àròpín oníwọ̀n di 28.6%. Ààlà tó jẹ́ ìdá mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ti di ìdá kan péré. Èyí tún jẹ́ ká mọ nǹkan mìíràn: àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún yẹn lápapọ̀ ga ju 27.1% ti orílẹ̀-èdè lọ. Èkó ló fa ìhà wa sílẹ̀. Ẹni tó bá dúró lórí 27.9% kò ní rí èyí láéláé.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Ọ̀ṣun tó ń ka èyí máa ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Àwọn jáde, wọ́n tò sínú oòrùn, wọ́n mú 38.8% wá, mo wá kó wọn pọ̀ mọ́ Èkó tí kò tó ogún nínú ọgọ́rùn-ún, iṣẹ́ wọn sì pòórá. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àròpín oníwọ̀n kì í sọ fún wa bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ṣe ṣe, ohun tó ń sọ ni bí gbogbo èèyàn lápapọ̀ ṣe ṣe. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bá aráàlú sọ òótọ́ máa gbé nọ́ńbà àpapọ̀ sílẹ̀, á sì tún gbé ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ kí Ọ̀ṣun tó gba oríyìn, kò yẹ kó jẹ́ pé a fi oríyìn náà bo àìjáde Èkó mọ́lẹ̀.

Ṣé ibì kankan wà tó ti tọ́ kí ìpínlẹ̀ kékeré àti ńlá dọ́gba? Ó wà, inú òfin ló sì wà. Mo kẹ́kọ̀ọ́ òfin, torí náà ẹ gbà mí láyè díẹ̀. Abala 134 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ààrẹ nígbà tí olùdíje bá ju méjì lọ. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ní ìbò tó pọ̀ jù lọ. Ó sì tún gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ àti Àbújá tó jẹ́ olú-ìlú.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Apá àkọ́kọ́ ń ka èèyàn: ìbò kan ní Èkìtì àti ìbò kan ní Èkó, ọ̀kan náà ni. Apá kejì ń ka ìpínlẹ̀: Èkìtì jẹ́ ẹyọ kan, Èkó náà jẹ́ ẹyọ kan, láìka pé ọ̀kan fi ìlọ́po méje ju èkejì lọ. Àwọn tó kọ òfin náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ààrẹ má bàa jẹ́ ti ìhà kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ́ mọ bí àtìlẹ́yìn olùdíje ṣe tàn kálẹ̀ tó, kì í ṣe bó ṣe pọ̀ tó nìkan. Wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, kò sẹ́ni tó lè ní wọ́n fi ṣe òun ní màgòmágó.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín abala 134 àti ẹni tó ń pín 27.9% kiri lórí Wasáàpù nìyẹn. Òfin sọ fún wa pé ìpínlẹ̀ lòun ń kà. Ẹni tó ń pín 27.9% ń sọ pé “àwọn èèyàn Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn”, nígbà tó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ ló kà. Ká ní ó kọ ọ́ pé “ìpínlẹ̀ kan pẹ̀lú ìpínlẹ̀ kan, láìwo bí wọ́n ṣe tóbi tó”, mi ò ní bá a jà.

Ohun kan ṣì kù tí mi ò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ìwọ̀n tí a lò dára dé ibi tí ìwé orúkọ bá dára dé. Nínú ìwé orúkọ olùdìbò, àwọn tó ti kú wà níbẹ̀, àwọn tó ti kó lọ sílùú mìíràn wà níbẹ̀, àwọn tí kò gba káàdì ìdìbò wọn rí náà wà níbẹ̀. Jákèjádò Nàìjíríà, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò 2023 lé ní mílíọ̀nù 93, ṣùgbọ́n àwọn tó gba káàdì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 87. Tí ẹnì kan bá fẹ́ fi àwọn tó gba káàdì ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò tirẹ̀, kò burú, ìdá náà máa gòkè díẹ̀ níbi gbogbo. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó fi àwọn tó gba káàdì ṣírò ti ìpínlẹ̀ kan, kó wá fi ìwé orúkọ ṣírò ti òmíràn, kó sì tún fi méjèèjì wéra.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ohun tí gbogbo èyí máa dá sílẹ̀ ní 2027. Lójú ẹni tó gba àròpín lásán gbọ́, bí ìdá àwọn tó jáde ní Èkìtì bá fi ẹyọ kan gòkè, ó dọ́gba pẹ̀lú kí ti Èkó fi ẹyọ kan gòkè. Àbájáde rẹ̀ ni pé ó lè pín owó ìpolongo, mọ́tò àti àwọn tó máa kanlẹ̀kùn aráàlú sí ìpínlẹ̀ mẹ́fà bákan náà. Lójú ẹni tó ń ka orí, ẹyọ kan ní Èkìtì jẹ́ èèyàn bíi 9,900. Ẹyọ kan ní Èkó lé ní 70,000.

Ẹ rántí pé ìbò tí Peter Obi fi ju Bola Tinubu lọ ní Èkó lọ́dún 2023 jẹ́ 9,848: 582,454 sí 572,606. Ká ní ìdá àwọn tó jáde ní Èkó fi ẹyọ kan ṣoṣo gòkè, láti 19 sí 20, iye èèyàn tuntun tó máa wọlé sínú ìṣirò máa fi ìlọ́po méje ju ààlà yẹn lọ. Ibikíbi tí wọ́n bá kọjú sí, ọ̀rọ̀ á yí padà. Nínú àwọn 13.5 mílíọ̀nù tó forúkọ sílẹ̀ ní ìhà wa tí wọn ò jáde lọ́jọ́ náà, 5.7 mílíọ̀nù ló wà ní Èkó.

Torí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan, iléeṣẹ́ ìròyìn kan tàbí ọ̀rẹ́ yín kan bá tún gbé ìdá kan wá pé òun ló dúró fún gbogbo ìhà wa, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: èèyàn lo kà ni, àbí ìpínlẹ̀? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kó lọ mú ìwé orúkọ wá kó tún un ṣírò.